Awò tó ń yọ̀ lórí imú tó fẹ̀: ẹ wo bíríìjì kí ẹ tó fún etí

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà ẹja Òlùwò, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ni mo ti ń tajà. Imú mi fẹ̀, kò sì ga. Awò tí mo ń lò, rọ́bà dúdú ni, wọ́n kọ 52□16-140 sínú apá rẹ̀. Bí mo bá ti tẹríba láti ha ìpẹ́ ẹja báyìí, ó ti yọ̀ dé góńgó imú nìyẹn. Ó ti já sínú abọ́ ẹja lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e padà fún oníṣẹ́ awò kó bá mi fún un, ó fún un títí etí fi ń dùn mí, síbẹ̀ ó ń yọ̀. Bí mo bá sì rẹ́rìn-ín, ó máa ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ojú méjèèjì, agbára lẹ́ǹsì -3.50 ni wọ́n kọ fún mi, wọ́n sì kọ PD 68. Irú férémù wo ni kí n béèrè? Àbí imú mi ni kò gba awò?*

Imú yín kò jẹ̀bi, Ìyá wa. Pẹ̀lú gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, férémù yẹn ló há fún yín níbi méjì: ó há lórí imú, ó sì há ní ẹ̀bátí. Ẹ̀yìn etí tí wọ́n ń tẹ̀ kò sí lára ibi méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ìrora fi dé tí yíyọ̀ kò sì lọ. Bí ẹ bá ń kánjú, ohun tí ẹ ó béèrè nìyí: férémù tí bíríìjì rẹ̀, ìyẹn àlàfo orí imú láàárín lẹ́ǹsì méjèèjì, jẹ́ mìlímítà 20 tàbí kó lé díẹ̀, tó ní tìmùtìmù imú tí oníṣẹ́ lè fi ẹ̀mú tẹ̀ síbi tó bá wù ú, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó orí yín, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò sì ga ju mìlímítà 40 lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jáde lọ rà á. Nọ́mbà nìkan ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ka èyí tó wà nínú apá awò yín. 52 ni fífẹ̀ lẹ́ǹsì kan ṣoṣo. Àpótí kékeré tó tẹ̀ lé e kì í ṣe iye. Ó kàn ń sọ pé bí ẹni fi àpótí yí lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan ká ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. 16 ni àlàfo tó wà láàárín lẹ́ǹsì méjèèjì níbi tí wọ́n ti súnmọ́ra jù, òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bíríìjì. 140 ni gígùn apá láti oríkèé rẹ̀ títí dé ìrù rẹ̀ lẹ́yìn etí, pẹ̀lú ibi tó tẹ̀. Mìlímítà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ kíyè sí 16 yẹn. Àlàfo láàárín lẹ́ǹsì ló sọ, kò sọ nǹkankan nípa bí ẹ̀gbẹ́ bíríìjì ṣe ṣí sílẹ̀ tó, kò sọ bí tìmùtìmù ṣe yọ sẹ́yìn tó, kò sì sọ bóyá òkè ni orí bíríìjì wà tàbí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí férémù méjì tí wọ́n kọ 18 sí lára fi lè wà lórí àtẹ kan náà, kí ọ̀kan jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí imú yín, kí èkejì máa yọ̀ bí àrọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú omi.

Imú tó fẹ̀ àti imú tó rọlẹ̀ kì í sì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ojú kan náà la ti sábà máa ń bá àwọn méjèèjì pàdé. Imú tó fẹ̀ ń fẹ́ àyè. Bíríìjì tí nọ́mbà rẹ̀ tóbi ló yẹ ẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì yà sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ àkàbà tí a là. Imú tó rọlẹ̀ ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí nǹkan wá bá òun nílé: igi imú kò yọ síta tó láti pàdé férémù, nítorí náà tìmùtìmù gbọ́dọ̀ yọ sẹ́yìn dáadáa kó tó kan awọ ara. Tí ẹni tó ní méjèèjì pọ̀, bíi tiyín, bá ra bíríìjì gbígbòòrò tí kò ní tìmùtìmù tó jìn sẹ́yìn, awò á wọlẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi gbà á. Tó bá sì ra èyí tó há, kó lè di imú mú, yóò bá ohun tí ẹ̀ ń bá fínra yìí.

Ríra bíríìjì tó há yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Bàtà tó há kì í bọ́ lẹ́sẹ̀, ìyẹn ló ń tan èèyàn. Ṣùgbọ́n imú dà bí òrùlé: góńgó rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sídìí. Bíríìjì tó bá fẹ̀ tó yóò gun òrùlé náà, yóò fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú. Èyí tó há kò ní lè wọlé dé ìdí imú. Síta ló máa dúró, etí rẹ̀ nìkan ló máa kan awọ ara, bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ tán. Góńgó òrùlé yẹn sì dagun wá síwájú. Òógùn díẹ̀, epo ara díẹ̀, ó ti gbéra.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta nílé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ dúró síwájú dígí, ẹ wo ojú ara yín gan-an, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù dábùú àárín ọmọlójú méjèèjì. Ẹ wá ibi tí igi imú yín ti jìn wọlé jù lọ láàárín ojú. Bí ibẹ̀ bá wà lókè pẹ́ńsùlù, igi imú yín ga. Bó bá wà ní déédéé pẹ́ńsùlù tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rọlẹ̀, kò sì sí bíríìjì rọ́bà lásán tí kò ní tìmùtìmù tó lè gbé awò dúró fún yín.

Èkejì ni ti àtíkè, òun ló wúlò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ nu imú yín gbẹ, ẹ fi àtíkè funfun díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ gbé awò wọ̀ jẹ́jẹ́ síbi tó yẹ kó wà, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ gbé e kúrò tààrà síwájú láì fà á wálẹ̀. Dúdú ni férémù yín, nítorí náà ibi tí àtíkè bá lẹ̀ mọ́ máa hàn kedere. Bó bá kun gbogbo ojú tí bíríìjì fi ń kan imú, bí ìtẹ̀ka àtàǹpàkò, bíríìjì yẹn bá yín mu. Bó bá jẹ́ ìlà tín-ín-rín létí ẹ̀yìn nìkan, ìyẹn etí tó súnmọ́ ẹyinjú, ẹ̀gbẹ́ bíríìjì kò ṣí tó fún imú tó fẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín bíríìjì lókè nìkan ló funfun, ẹ̀gbẹ́ kò kan imú rárá, góńgó ló ń gbé gbogbo ẹrù. Bó bá sì jẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́ǹsì ni àtíkè wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló ti di àga fún awò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ìlà tín-ín-rín létí ẹ̀yìn àti àtíkè nísàlẹ̀ lẹ́ǹsì ni ẹ ó rí. Awò tó bá jókòó sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ẹ̀rín ló ń tì í sókè, bí ẹ̀rín bá sì tán, kì í padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ gé bébà kan tó fẹ̀ tó ìka méjì. Kí ẹnìkan tì í bọ àárín apá awò àti ẹ̀bátí yín, láti iwájú lọ sẹ́yìn, nígbà tí awò wà lójú yín. Ó yẹ kó máa lọ láì há títí dé ibi tí apá ti fẹ́ gun orí etí. Bó bá há ṣáájú etí, tàbí tí ẹ bá rí ojú ibi tí apá awò ti wọ awọ ara ní ẹ̀bátí nígbà tí ẹ bá bọ́ ọ lálẹ́, ojú férémù kéré fún orí yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn oníṣẹ́ kan, kì í ka ti ẹ̀bátí yìí sí, wọ́n ń rò pé bó bá fún orí, ó yẹ kó dúró. Ẹ rántí ohun tí kóró àgbálùmọ̀ máa ń ṣe tí ẹ bá fi ìka méjì fún un. Kò sẹ́ni tó tì í, fífún náà ló lé e jáde. Orí ènìyàn ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, nítorí náà apá tó bá ń fún ẹ̀bátí, apá ibi tó tín-ín-rín ló máa sá lọ, ìyẹn iwájú. Bí oníṣẹ́ bá wá tẹ apá náà wọnú sí i kó lè mú orí dáadáa, ó fi agbára kún ohun tó ń ti awò wálẹ̀ ni. Ibi mẹ́ta péré ló yẹ kí awò ti kan èèyàn: imú, orí etí ọ̀tún, orí etí òsì. Lẹ́yìn orí etí, apá lè fara ti egungun ẹ̀yìn etí, ìyẹn dára. Ṣáájú etí, afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó wá ku iṣẹ́ yín. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń wo iwájú, imú rẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ẹrù awò. Ẹni tó tẹ orí sílẹ̀ pátápátá, tí ojú rẹ̀ ń wo abọ́ ẹja, imú rẹ̀ kò gbé nǹkankan mọ́: awò ti dojú kọlẹ̀, etí nìkan ló fi so rọ̀. Nítorí náà etí ṣe pàtàkì fún yín ju fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, oníṣẹ́ yín kò sì ṣìnà pátápátá bó ṣe lọ síbẹ̀. Kìkì pé ó fi ti ìkẹyìn ṣe ti àkọ́kọ́. Bí ojú férémù bá ṣì ń fún ẹ̀bátí, tí bíríìjì kò sì rí ibi jókòó sí, etí á máa bá agbára méjì jà, etí ló sì máa pàdánù. Ìrora tí ẹ̀ ń sọ nìyẹn.

Ní ti ríra férémù tuntun, orí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ jókòó, kí ẹnìkan mú páálí ìwé méjì tó le, kó fi wọ́n ti ẹ̀bátí yín lọ́tùn-ún lósì, níbi tí apá awò máa ń gbà kọjá, kó má tẹ̀ wọ́n mọ́ awọ ara. Ẹ fi rúlà wọ̀n àárín páálí sí páálí. Ká ní 142 ni ẹ rí. Ojú férémù, láti oríkèé kan dé èkejì, gbọ́dọ̀ jẹ́ 142 tàbí kó lé ní mìlímítà méjì sí mẹ́ta. Èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ ńkọ́? 52 lọ́nà méjì jẹ́ 104, ẹ fi bíríìjì 16 kún un, ó di 120. Igun méjèèjì tó gbé oríkèé máa ń fi bíi 14 sí 16 kún un. Nǹkan bí 135 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi rúlà wò ó, kò ní jìnnà síbẹ̀. Ó fi mìlímítà méje dín sí orí tó jẹ́ 142, ìyẹn sì tó láti sọ apá awò di ìka tó ń fún kóró.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbé fún ẹni tí orí rẹ̀ fẹ̀ ni férémù tí lẹ́ǹsì rẹ̀ tóbi, bíi 56□16. 112 àti 16 jẹ́ 128, pẹ̀lú igun, ó di 143. Ẹ̀bátí ti gbádùn. Ṣùgbọ́n bíríìjì ṣì jẹ́ 16, imú kò rí nǹkankan gbà nínú ọrọ̀ náà, lẹ́ǹsì sì ti tóbi, ó ti wúwo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lè túbọ̀ súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Férémù tó máa ṣe yín lóore ni èyí tó gba fífẹ̀ rẹ̀ láti ara bíríìjì àti igun, kì í ṣe láti ara lẹ́ǹsì. 52□20 tí igun rẹ̀ fẹ̀ dáadáa lè jẹ́ 142 sí 144. Bí ẹ kò bá rí èyí tí igun rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, 54□20 yóò fún yín ní nǹkan bí 143 pẹ̀lú igun lásán.

PD tí wọ́n kọ fún yín máa ràn yín lọ́wọ́ níbí. 68 ni àlàfo láàárín ọmọlójú yín méjèèjì. Ti férémù, fífẹ̀ lẹ́ǹsì kan pẹ̀lú bíríìjì ni: 52 àti 20 jẹ́ 72, 54 àti 20 jẹ́ 74. Ẹ yọ 68 kúrò, kí ẹ pín èyí tó kù sí méjì. Àkọ́kọ́ fi mìlímítà 2 jìnnà sí ojú kọ̀ọ̀kan, èkejì fi 3 jìnnà. Iye yẹn ni wọ́n máa sún àárín lẹ́ǹsì wọnú, bí wọ́n bá sì ṣe sún un tó ni etí lẹ́ǹsì lápá ẹ̀bátí máa nípọn tó. Lórí -3.50, ìyàtọ̀ 2 sí 3 kò tó nǹkan tí ẹ máa rí. Ẹni tó ń lo -7.00 ló yẹ kó ṣọ́ra níbẹ̀. Ẹ sì wò ó: 56□16 náà jẹ́ 72, bíi 52□20. Lójú PD, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú imú, wọn kò jọra rárá.

Gíga lẹ́ǹsì kì í sí nínú nọ́mbà tí wọ́n kọ sínú apá, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún ń fẹ́ 36 sí 40. Èyí tó bá lọ sí 45, bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbọ́.

Ní ti tìmùtìmù, férémù onírin tó ní ẹsẹ̀ tín-ín-rín méjì tó gbé tìmùtìmù dání ni mo fara mọ́ fún yín, mi ò fi bò. Bíríìjì rọ́bà tó dà bí gàárì ẹṣin, bí wọ́n ṣe mọ ọ́n ní ilé iṣẹ́ ló ń wà. Èyí tó ní ihò bíi ti kọ́kọ́rọ́ lókè náà bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gun góńgó imú. Ẹsẹ̀ onírin, oníṣẹ́ lè ṣí i, ó lè pa á dé, ó lè fà á sẹ́yìn. Ẹ mọ ohun tí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí ẹ lè sọ ohun tí ẹ fẹ́. Bó bá ṣí tìmùtìmù méjèèjì síta, awò á wálẹ̀, á sì súnmọ́ ojú. Bó bá pa wọ́n dé, awò á gòkè, á sì jìnnà sí ojú. Fún imú tó rọlẹ̀ tí awò rẹ̀ ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó máa kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn kí tìmùtìmù tó lè dé ibi tí imú wà, lẹ́yìn náà ló máa yí ojú tìmùtìmù: kí etí ẹ̀yìn yà síta ju etí iwájú lọ, kí ìsàlẹ̀ sì yà ju òkè lọ, bí ẹ̀gbẹ́ imú ṣe rí gan-an. Ẹ tún lo àtíkè. Ibi tí kò bá kun ni kò tíì kan. Nígbà tó bá parí, lẹ́ǹsì yẹ kó jìnnà sí ojú tó mìlímítà 12 sí 14, kí irun ìpéǹpéjú má máa gbá a.

Ẹ béèrè ìwọ̀n tìmùtìmù náà. Ọ̀pọ̀ férémù ń wá pẹ̀lú èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 13. Fún imú tó fẹ̀, kí wọ́n fi 15 tàbí 17 rọ́pò rẹ̀, kó jẹ́ sílíkóònù, torí sílíkóònù di awọ ara mú ju rọ́bà líle lọ. Iṣẹ́ síkúrù méjì péré ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó férémù. Àwọn férémù kan náà wà tí wọ́n dá fún imú tó rọlẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi lẹ́tà F sí ẹ̀yìn nọ́mbà férémù náà. Wọ́n dára fún rírọlẹ̀. Àmọ́ ojú àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n sábà fi ṣe wọ́n, ẹ ṣì ní láti wo fífẹ̀ bíríìjì àti fífẹ̀ ojú wọn, kí ẹ má kàn rí F kí ẹ sanwó.

Ìgbà tí imú àti ẹ̀bátí bá ti jókòó dáadáa ni ọ̀rọ̀ etí wá kàn. Apá awò gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti oríkèé dé orí etí, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ wálẹ̀ níbẹ̀ gan-an, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ṣáájú, yóò máa gún orí etí. Bó bá jẹ́ mìlímítà 8 lẹ́yìn etí ló tó tẹ̀, mìlímítà 8 náà ni awò máa yọ̀ síwájú kó tó rí nǹkan tó máa dá a dúró. Kí ẹnìkan wo ẹ̀gbẹ́ orí yín, kó wo bóyá àlàfo wà láàárín ibi tó tẹ̀ àti ẹ̀yìn etí. Bí apá 140 bá kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ìrù rẹ̀ kò fi wálẹ̀ dáadáa lẹ́yìn etí, ẹ béèrè 145. Fún ẹni tó ń tẹríba bíi tiyín, mo tún lè sọ pé kí ẹ wo férémù onírin tí ìrù apá rẹ̀ ká etí pátápátá bí ìwọ̀ ẹja. Kò gbajúmọ̀ mọ́, kò sì rọrùn láti bọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n kì í já sínú abọ́. Bí ẹ kò bá rí i, ìdábùú sílíkóònù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìrù apá wà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí awò tó ti bá imú mu. Lórí awò tó há, etí lásán ló máa ń bọ́ lára.

Èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí ńkọ́? Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ ra tìmùtìmù alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bíríìjì rọ́bà. Fún imú tó rọlẹ̀ lórí bíríìjì tó ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun dáadáa ni. Fún tiyín, ẹ fi ìṣirò gbé e wò: bí ọ̀kan bá nípọn tó mìlímítà 2, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti jẹ mìlímítà 4 nínú àyè imú. Bíríìjì 16 ti di bíi 12. Awò á gòkè kúrò lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóòótọ́, ẹ ó dúpẹ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó tún máa jókòó sórí góńgó. Òógùn á sì ṣí àlẹ̀mọ́ náà láìpẹ́. Ohun tí oníṣẹ́ lè ṣe fún un kó lè jẹ́ awò ìpamọ́ ni pé kó mú oríkèé rẹ̀ yà síta díẹ̀ kí apá má fún ẹ̀bátí mọ́, kó sì dá ibi tó tẹ̀ lẹ́yìn etí padà sí ipò rẹ̀. Kó má ṣe fi iná kándù tàbí iná gáàsì mú un gbóná. Ooru tó pọ̀ jù ń fọ́ ìpara ojú lẹ́ǹsì wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí férémù náà bá jẹ́ irú rọ́bà fúyẹ́ tó ń ta padà bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò ní gba títẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n má fi agbára ṣe é.

Ẹ má gba lẹ́ǹsì gíláàsì gidi, bó ti wù kí wọ́n sọ pé nǹkan kì í ha á lára tó. Ó wúwo tó bí ìlọ́po méjì lẹ́ǹsì rọ́bà, iwájú sì ni gbogbo ìwúwo yẹn ń wà. Pólíkábónéètì ni kí ẹ béèrè: ó fúyẹ́ ju rọ́bà lásán lọ, bí ìpẹ́ tàbí egungun ẹja bá sì ta lù ú, kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Nǹkan máa ń ha á lára o, nítorí náà kí wọ́n fi ìpara tó ń dènà híha sí i.

Nígbà tí ẹ bá lọ gba awò, ẹ má wò ó níwájú dígí nìkan. Ẹ tẹ orí yín sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ha ẹja, ẹ mi orí díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ nǹkan lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ó ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bó bá yọ̀ nínú ilé awò tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kí ni yóò wá ṣe lọ́jà? Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójú iṣẹ́ ni ẹ ó mọ̀ bóyá tìmùtìmù jókòó: àmì tó pọ́n bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó sì parẹ́ láàárín wákàtí kan, kò burú. Àmì tó jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan péré, ẹ gbé e padà.

Omi ẹja àti òógùn máa ń jẹ ẹsẹ̀ onírin yẹn títí yóò fi hu nǹkan aláwọ̀ ewé. Lálaalẹ́, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ fọ awò àti tìmùtìmù, ẹ fọ imú náà. Bí tìmùtìmù bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó ti le, kì í di awọ ara mú mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní irú iṣẹ́ yín, ó lè jẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Bí dókítà ojú bá ti ń dárúkọ awò onílà fún yín, tí wọ́n ń fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kàwé, kí wọ́n má sàmì sí ibi tí ìlà máa wà títí tí tìmùtìmù àti etí yóò fi jókòó tán sórí férémù náà gan-an tí ẹ máa lò. Etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà ń gbé ìlà náà sí. Awò tó bá fi mìlímítà 4 yọ̀ ti gbé ìlà náà lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà 4, ẹ ó sì máa gbé àgbọ̀n sókè kí ẹ tó rí owó kà.